Ọ̀nà kejì láti inú yàrá bí iná bá ṣẹ́ yọ

Ilẹ̀kùn kan ṣoṣo ni yàrá wa kọ̀ọ̀kan ní. Níbo la máa gbà jáde bí iná bá dí i, ibo la sì máa pàdé?

Fèrèsé ni ọ̀nà kejì. Ẹ pàdé níwájú ilé, nídìí ohun tí kì í kúrò lójú kan, bí igi, tó jìnnà sí ògiri.

Ẹni tó ń sùn nínú yàrá náà gan-an ni kó dán fèrèsé rẹ̀ ṣí, nínú òkùnkùn, láìlo kọ́kọ́rọ́. Ọ̀dà tó gbẹ mọ́ ọn lè mú kó le. Bí irin ààbò bá wà lójú rẹ̀ tí kò ṣeé tú láti inú, kì í ṣe ọ̀nà àbájáde rárá. Fún yàrá òkè, ẹ gbé àkàbà tó ṣeé so kọ́ fèrèsé sítòsí.

Ká ní èéfín ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí ẹni tó wà nínú yàrá fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Bó bá gbóná, kó má ṣí i, fèrèsé ló kù. Bí ìyẹn náà ò bá ṣeé ṣe, kó fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn, kó sì máa fi aṣọ funfun juwọ́ lójú fèrèsé.

Ọmọ kékeré àti ẹni tí kò lè rìn kò lè dá jáde. Ẹ yan àgbàlagbà kan fún wọn. Ẹni tó bá ti dé ibi ìpàdé kò gbọ́dọ̀ padà wọlé: panápaná ni kó sọ fún pé ẹnì kan kù nínú ilé.