Bí ojú ìwé 38 ṣe ń di ojú ìwé méjì láìfi nǹkan pamọ́ fún ìgbìmọ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ agbẹ̀bí ni mí ní Kétu, àìtó ẹ̀jẹ̀ lára àwọn aboyún ni mo fẹ́ ṣèwádìí lé lórí. Ìwé ètò ìwádìí mi jẹ́ ojú ìwé 38 ní èdè Faransé, mo ti fi ránṣẹ́ sí yín. Olùkọ́ mi ní kí n gé e kúrú sí ojú ìwé méjì fún ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ètò ìwádìí wò: ohun tí mò ń wá, àwọn tí yóò kópa, ewu tó wà níbẹ̀, àti bí n ó ṣe gba ìyọ̀ǹda wọn. Gbogbo rẹ̀ ló ṣe pàtàkì lójú mi. Kí ni kí n mú, kí ni kí n yọ?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, mo ka ìwé náà tán lánàá níbí ní Àjàṣẹ́. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní. Ojú ìwé mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ ń sọ bí àìtó ẹ̀jẹ̀ ṣe rí káàkiri ayé. Bí o bá ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gé e, wàá ti lo ojú ìwé kan àbọ̀ kí o tó dé ibi tí abẹ́rẹ́ tí ẹ ó fi fa ẹ̀jẹ̀ wà, abẹ́rẹ́ yẹn sì ni ìgbìmọ̀ fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Látìgbà tí òfin 2010-40 ti jáde lọ́jọ́ 8 oṣù Kejìlá ọdún 2010, kí ìgbìmọ̀ yẹ ètò ìwádìí ìlera wò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ti di dandan ní Bẹ̀nẹ̀. Ohun tí wọ́n ń wá nínú ojú ìwé méjì yẹn ni ohun tí ó fẹ́ ṣẹlẹ̀ sí obìnrin tó bá ní òun gbà.

Nítorí náà, mú lẹ́ẹ̀dì, ṣí apá tí o ti ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà yóò ṣe lọ, kí o sì tẹ̀ lé obìnrin kan ṣoṣo. Ká ní ó ti Ìdígínì wá fún ìtọ́jú oyún. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n pè é sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n bi í ní ìbéèrè fún ogójì ìṣẹ́jú, lára rẹ̀ ni bóyá ọkọ rẹ̀ ń fún un lówó oúnjẹ. Wọ́n fa mílílítà márùn-ún ẹ̀jẹ̀ ní apá rẹ̀. Ó tún padà wá lẹ́yìn tí oyún rẹ̀ pé ọ̀sẹ̀ 36, wọ́n fa mílílítà márùn-ún mìíràn. Ẹ ó máa wo ìwé ìtọ́jú rẹ̀ títí yóò fi bímọ. Ní ojú ìwé 29, nínú gbólóhùn kan tí ń bẹ láàárín ọ̀rọ̀ fíríìjì àti ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, mo wá rí i pé ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù yóò wà nípamọ́ fún ọdún márùn-ún, àti pé ẹ lè fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò kan lẹ́yìn odi orílẹ̀-èdè.

Òṣùwọ̀n tí mo máa ń lò kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni obìnrin yìí lè gbọ́ tí yóò fi sọ pé, “Rárá, mi ò ṣe mọ́”? Ohun yòówù tó bá lè mú un sọ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wà nínú ojú ìwé méjì náà. Ogójì ìṣẹ́jú lè mú un sọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí yóò rìnrìn-àjò lọ sí ìlú òyìnbó lè mú un sọ ọ́ dáadáa. Ìṣirò tí o fi mọ iye èèyàn tí o nílò kò lè mú un sọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ètò kọ̀ǹpútà tí o fẹ́ lò àti gbogbo ohun tí àwọn mìíràn ti kọ ṣáájú rẹ. Ìyẹn lè dúró sínú ìwé ńlá.

Ní ti ohun tí ò ń wá, gbólóhùn kan péré ti tó. O kọ ọ́ pé o fẹ́ “ṣe ìrànwọ́ fún ìlera àwọn ìyá”. Ìrètí nìyẹn, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè wọ̀n. Kọ ọ́ báyìí: “A fẹ́ mọ iye àwọn aboyún tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó nínú àwọn tó ń wá sí ilé ìwòsàn yìí, àti bóyá ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń lo oògùn tí ń fún ẹ̀jẹ̀ lágbára déédéé máa ń pọ̀ sí i kí wọ́n tó bímọ.” Kí o wá fi kún un pé oògùn kan náà ni ẹni tó kópa àti ẹni tí kò kópa yóò gbà. Bí o kò bá sọ ọ́, wọn yóò rò pé àwọn tó gbà ní ìtọ́jú tó dára jù.

Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tí yóò kópa, ihò méjì ṣí sílẹ̀. Ojú ìwé 13 sọ pé obìnrin 240, ojú ìwé 21 sọ pé 220. Mo fura pé 220 ni ìṣirò fún ọ, tí o sì fi 20 kún un nítorí àwọn tí kò ní padà wá. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èkejì wúwo jù. Ojú ìwé 12 gba obìnrin láti ọmọ ọdún 15, ṣùgbọ́n ìwé ìyọ̀ǹda tó wà ní ojú ìwé 33 kò ní àyè fún òbí rárá. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò tíì dàgbà lójú òfin níbí. Òbí tàbí alágbàtọ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, kí ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ sì tún gbà. O lè fi iṣẹ́ náà mọ sórí àwọn tó ti pé ọdún 18. Ó rọrùn, ṣùgbọ́n wàá pàdánù àwọn ọmọdébìnrin tó lóyún, bẹ́ẹ̀ sì ni ara tiwọn ṣì ń dàgbà lọ́wọ́, tí ó sì nílò ẹ̀jẹ̀ yẹn. Èmi yóò fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, n ó sì kọ ìwé ìyọ̀ǹda òbí kún un. Èyí tó wù kí o mú, ìwé ńlá ni kí o kọ́kọ́ tún ṣe. Bí ojú ìwé méjì bá sọ 18 tí 38 ṣì ń sọ 15, ìgbìmọ̀ yóò dá gbogbo rẹ̀ padà.

Ní abẹ́ ewu, o kọ pé “ewu náà kéré gan-an”. Ta ló wọ̀n ọ́n? Sọ ohun tó lè ṣẹlẹ̀, bó ṣe pọ̀ tó, àti ohun tí ẹ ó ṣe. Apá lè dùn ún, ojú abẹ́rẹ́ lè dúdú fún ọjọ́ díẹ̀, òòyì lè kọ́ ọ: ẹ ó jẹ́ kó jókòó tàbí kó dùbúlẹ̀ kí ẹ tó fa ẹ̀jẹ̀. Mílílítà márùn-ún jẹ́ ṣíbí ìmutíì kan, ṣíbí méjì ni gbogbo rẹ̀ yóò jẹ́ ní ìgbà méjèèjì. Má fo èyí, nítorí obìnrin tí wọ́n sọ fún pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó yóò béèrè ìdí tí ẹ tún fi ń fa èyí tó kù. Ìbéèrè gidi ni. Ṣíbí méjì kò lè bu ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ kù débi tí yóò pa á lára, ṣùgbọ́n àfi kí ẹ sọ ọ́ fún un.

Tí èsì bá wá fi hàn pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ sílẹ̀ jù ńkọ́? Nígbà tí òṣùwọ̀n èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ bá wà lábẹ́ gíráàmù méje nínú ìdámẹ́wàá lítà ẹ̀jẹ̀ kan, ọ̀rọ̀ di pàjáwìrì fún aboyún. Ìwé rẹ sọ pé “a ó darí rẹ̀ sí ọsibítù”. Lọ́jọ́ wo? Ta ló ń sanwó alùpùpù? Kọ ọ́ pé lọ́jọ́ náà gan-an ni, kí o sì dárúkọ ẹni tí yóò san owó ọkọ̀. Bí kò bá sí owó yẹn nínú ètò ìnáwó rẹ, ihò kẹta nìyẹn.

Ewu tó ń bà mí lẹ́rù jù ní Kétu ni ti àṣírí. O ní o kò ní kọ orúkọ. Ṣùgbọ́n tí ìwé bá ní abúlé, ọjọ́ orí àti iye ọmọ, ta ni kò ní mọ̀ pé ìyàwó ẹni báyìí ni? Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ibi tí àwọn yòókù jókòó sí ni o tún fẹ́ ti bi í bóyá ọkọ rẹ̀ ń fún un lówó. Wá yàrá tó ní ilẹ̀kùn. Nọ́ńbà ni kó wà lórí ìwé ìbéèrè, kí àkọsílẹ̀ tó so nọ́ńbà mọ́ orúkọ wà nínú àpótí mìíràn tó ní kọ́kọ́rọ́. Gbólóhùn méjì yìí ni kí o gbé wọ inú àkékúrú.

Ìyọ̀ǹda ni mo fẹ́ kí o fún láàyè jù, ìdámẹ́ta ojú ìwé ó kéré tán. “A ó gba ìyọ̀ǹda wọn” kò sọ nǹkan kan. Mo jókòó ti àwọn kan nílé ìwòsàn kan lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń gba ìyọ̀ǹda. Agbẹ̀bí ṣàlàyé fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ohùn rẹ̀ tutù, obìnrin náà ń mi orí. Mo wá ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbọ́?” Ó ní, “Wọ́n fẹ́ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mi kí wọ́n lè mọ oògùn tí wọn yóò fún mi.” Ọ̀rọ̀ náà “àyẹ̀wò” ló tàn án. Àyẹ̀wò ni wọ́n ń pe gbogbo ohun tí dókítà ń ṣe láti tọ́jú èèyàn, ó sì rò pé bí òun bá kọ̀, òun kọ ìtọ́jú nìyẹn. A pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, a kọ ọ́ pé: “Ẹ̀kọ́ ni a fẹ́ kọ́ lára ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ aboyún. Kì í ṣe ara ìtọ́jú yín. Bí ẹ bá kọ̀, ìtọ́jú yín kò yí padà.” Ẹni tó tẹ̀ lé e gbọ́ ọ dáadáa, ó sì kọ̀. Inú mi dùn sí kíkọ̀ yẹn, torí ó fi hàn pé àlàyé wa ti wọlé.

Fún tìrẹ, kọ ọ́ bíi báyìí: “A ó kọ́kọ́ kí ààfin Alákétu àti baálé abúlé, ṣùgbọ́n àṣẹ wọn kò dúró fún ìyọ̀ǹda obìnrin kankan. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe òun ló ń tọ́jú rẹ̀ ni yóò bá a sọ̀rọ̀, ní Yorùbá tàbí Fọ̀n, nínú yàrá. Yóò lè lọ bá ilé rẹ̀ sọ ọ́, kó sì dáhùn nígbà tó bá tún wá. A ó ní kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tó gbọ́. Bí kò bá mọ̀wé, yóò tẹ ìka lójú ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ara wa. Yóò fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ tí a ó tọ́jú lọ́tọ̀, ó sì lè gba ìwádìí kó má gba ìyẹn. Bó bá yọwọ́, a ó da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tó wà nípamọ́ nù.” Ẹ̀dà ìwé náà gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà tẹlifóònù tí ẹnìkan máa ń gbé.

Nígbà tí o bá parí, fi lẹ́ẹ̀dì kọ nọ́ńbà ojú ìwé tí gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ti wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èyí tí kò ní nọ́ńbà, ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀, kò sí nínú ètò rẹ. Nínú ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda tí mo kọ sókè yìí, mẹ́ta ni kò tíì sí nínú ìwé ńlá: akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe olùtọ́jú, ìfọwọ́sí ọ̀tọ̀ fún ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ó tọ́jú, àti dída ẹ̀jẹ̀ nù. Ojú ìwé 29 ni kí o kọ́kọ́ padà sí.