Ojú Ṣú, Ṣùgbọ́n Imú Ṣì Mọ Ìrú Tó Jinná

*Mo kí i yín o. Ọmọ ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí láti Kétu. Mo ti lé ní 70 ọdún. Àkàrà ni mo dín tí mo fi tọ́ ọmọ márùn-ún, ṣùgbọ́n ojú mi ti ṣú. Lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, epo gbígbóná ta sí mi lọ́wọ́ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Àwọn ọmọ ní kí n jókòó jẹ́ẹ́, bẹ́ẹ̀ owó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kò tó ra oògùn. Ọkọ ọmọ mi ní òun á bá mi to ìgò bẹntiróòlù síwájú ilé kí n máa tà á. Mo ṣì lè se oúnjẹ, ẹnu mi sì dá ṣáṣá. Àwọn ìyàwó ilé ń wá gbàmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi lójoojúmọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sanwó. Iṣẹ́ wo ni kí n ṣe?*

Ìyá mi, ẹ kú ìrójú, ẹ kú ọwọ́ jíjó. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ ọmọ yín, kí ẹ sì ní kó kó ìgò rẹ̀ lọ. Bẹntiróòlù nínú ilé tí wọ́n ti ń fi igi dáná, lọ́wọ́ ẹni tí kò rí ẹnu ìgò dáadáa! N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àkàrà náà, ẹ jẹ́ kó lọ. Epo gbígbóná, ojú nìkan ló lè ṣọ́ ọ.

Kí ẹ tó ná ẹyọ owó kan sórí òwò, ẹ jẹ́ kí dókítà ojú wo ojú yín. Bó bá jẹ́ funfun tó ń bo ẹyinjú àgbàlagbà ni, iṣẹ́ abẹ kékeré lè mú un kúrò, kí ẹ sì tún máa ríran. Àrùn mìíràn wà tó jẹ́ pé ohun tó bá ti gbà nínú ìríran kì í padà wá, ṣùgbọ́n oògùn lè dá èyí tó kù sí. Bí àwọn tó ń fi abẹ́rẹ́ ti funfun yẹn sínú ojú bá dé àdúgbò yín, ẹ má jókòó tì wọ́n. Ọ̀pọ̀ ojú ló ti ọwọ́ wọn fọ́ pátápátá.

Iṣẹ́ tí mo rí fún yín ni ìrú, kì í ṣe kí ẹ máa jókòó tà á lọ́jà o, kí ẹ máa ṣe é nílé ni. Ìyá tó tọ́ mi ní Sábẹ̀ ṣe é títí ojú rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí nǹkan kan mọ́, ìrú rẹ̀ kò sì bàjẹ́ nítorí ìyẹn. Ìdí ni pé ìka àti imú ló ń dájọ́ rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni èso igi igbá ń gbó, ìgbà náà ni hóró rẹ̀ ń pọ̀ lọ́jà, ó sì máa ń dínwó. Hóró gbígbẹ kì í tètè bàjẹ́, nítorí náà ẹ ra tó bí owó yín bá ṣe mọ nígbà náà. Ọmọ tí ojú rẹ̀ dá ni yóò ṣà á, tí yóò fi omi gbọ̀n ọ́n kí òkúta lè rì sísàlẹ̀. Ẹ gbé e kaná ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ó lè tó wákàtí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí èèpo tó rọ̀, ẹ má sì jẹ́ kí omi gbẹ lórí rẹ̀. Ẹ má gbé ìkòkò náà kalẹ̀ fúnra yín o, ẹni tó ríran ni kó gbé e.

Ẹ mú hóró kan, ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Bí èèpo bá yọ̀ kúrò tí inú rẹ̀ fi jáde, ó ti tó nìyẹn. Ẹ gún un wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ nínú odó, ẹ fi ọwọ́ ra á, kí omi gbé èèpo lọ. Ẹ tún un sè bíi wákàtí kan sí méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ sẹ́ ẹ kí omi rẹ̀ dá pátápátá, kí ẹ dà á sínú apẹ̀rẹ̀ tí ẹ ti tẹ́ ewé sí nígbà tó ṣì gbóná, kí ẹ fi àpò bò ó mọ́lẹ̀ níbi tí atẹ́gùn kò sí.

Ibí yìí ni ìrú ti ń bàjẹ́ jù. Èmi fúnra mi ti kánjú rí, n kò jẹ́ kí omi sẹ́ tán, nígbà tí mo ṣí i, ó ń kan bí omi ògì. Ìrú tó ń jinná máa ń gbóná fúnra rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ àpò: bó bá tutù, ó ti pẹ́ kí wọ́n tó bò ó, tàbí atẹ́gùn ń wọlé síbẹ̀. Láàárín ọjọ́ kejì sí ìkẹta, yóò máa fà bí ilá láàárín ìka, òórùn rẹ̀ yóò sì ta yín nímú bí ìrú ṣe ń ta ni, kì í ṣe kíkan. Nígbà náà ni kí ẹ fi iyọ̀ sí i. Èyí tí kò bá tètè tà, ẹ sá a sóòrùn.

Iṣẹ́ ọwọ́ tó wà níbẹ̀ ju agbára yín lọ, mo mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹnu yín ti máa wúlò. Ìmọ̀ràn lásán kì í mówó wọlé, ìyá mi, àwọn ìyàwó ilé yẹn kò ní sanwó láéláé, ẹ má bínú sí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ lè sọ fún méjì nínú wọn pé ẹ ó kọ́ wọn ní ìrú láìgba owó: àwọn ni yóò gún un, tí yóò pọn omi, tí yóò ṣọ́ iná. Ẹ fi àdéhùn náà hàn níṣojú ọkọ wọn tàbí ìyá ọkọ wọn, kí ó má di ìjà lọ́la.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú owó àfiṣàpẹẹrẹ, kí ẹ sì fi iye ọjà Kétu rọ́pò rẹ̀. Ká ní hóró jẹ́ 6,000 sẹ́fà, igi ìdáná 1,500, ewé àti iyọ̀ 500, ẹ wá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ní 1,000 fi ra nǹkan jẹ. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 9,000. Bí ẹ bá rí 120 ìdì nínú rẹ̀, tí ẹ ń ta ọ̀kọ̀ọ̀kan ní 100, 12,000 nìyẹn, 3,000 ló kù fún yín. Kò pọ̀. Bí ẹ bá sì ka igi ìdáná sí ọ̀fẹ́ nítorí pé ọmọ ló ṣẹ́ ẹ, ẹ̀ ń tan ara yín jẹ ni.

Ìdí tí mo fi ní 100 ni pé ìdì kan, ẹyọ owó kan ni, kò sí pé ẹ ń wá ṣéńjì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún ẹyọ 25: ó fẹ̀ ju 100 lọ díẹ̀ péré, àwọ̀ ni wọ́n fi ń tètè mọ̀ wọ́n sọ́tọ̀, bí ilẹ̀ bá sì ti ń ṣú, èyí lè jọ èyí lójú yín. Ẹ ní kí ọmọ ọmọ yín fi ojúlówó 100 kan sínú àpò aṣọ yín, kí ẹ máa fi ẹ̀yìn èyí tí wọ́n bá fún yín lé e. Bó bá yọ létí, 25 ni.

Ìdì tó bá sì jáde nílé lọ́wọ́ ọmọ tó ń kiri, ẹ ju hóró àgbàdo kan sínú igbá fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó bá dé lálẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi ìka ka àgbàdo, kí ẹ tó ní kó ka owó.