Kàlẹ́ńdà alápò mẹ́rìnlélógún fún àwọn ọmọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Aránṣọ. Ilésà ni mo ń gbé, ọmọ mẹ́ta ni mo ní: ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ìkejì mẹ́fà, àbígbẹ̀yìn mẹ́ta. Mo fẹ́ ṣe kàlẹ́ńdà alápò tí wọ́n á fi máa ka ọjọ́ títí Kérésìmesì á fi dé. Lọ́dún tó kọjá, àpòòwé ni mo lẹ̀ mọ́ páálí. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi ya, èèrà sì bo súìtì inú rẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè fi aṣọ rán an kó lè pẹ́, kí ni mo sì lè máa fi sínú rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ, ìyá wa. Àpò tí kò níkùn ló ba ti ọdún tó kọjá jẹ́. Bí àpò bá rí pẹlẹbẹ, tí ẹ sì ki nǹkan bọ̀ ọ́, etí rẹ̀ ló máa fà títí á fi ya. Aṣọ gan-an kì í yàtọ̀: ẹ rán an pẹlẹbẹ mọ́ aṣọ, ọwọ́ ọmọ ò ní wọlé, gbogbo ẹ̀yìn rẹ̀ á sì sún kì. Ibi ikùn àpò yìí ni mo máa pẹ́ sí jù.

Ẹ fi aṣọ tó nípọn ṣe ẹ̀yìn, bíi kakí tàbí jíìnsì àtijọ́, torí òun ló ń gbé ẹrù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti ká etí rẹ̀, kó fẹ̀ ní íńṣì 24, kó gùn ní íńṣì 40. Ẹ ti fi íńṣì mẹ́ta kún òkè rẹ̀ kẹ́ ẹ tó gé e, òun lẹ máa ká sẹ́yìn tí igi á gbà kọjá. Yáàdì kan àǹkárá tó fún àwọn àpò. Bí wọn ò bá gé yáàdì kan fún yín ní Ọjà Atàkúnmọ̀sà, ẹ tú àpótí yín wò, àjẹkù aṣọ ẹbí á ti wà níbẹ̀. Èyí tí mo rán fún àwọn ọmọ-ọmọ mi nílé wa ní Ifẹ̀, ìlà kọ̀ọ̀kan ló ní aṣọ ẹbí tirẹ̀: ìgbéyàwó ìyá wọn wà níbẹ̀, ìsìnkú ìyá mi náà wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àdìrẹ, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, kó má baà kó aró bá nǹkan tó wà nínú àpò.

Ẹ gé ọ̀já mẹ́fà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní íńṣì 29, kó ga ní márùn-ún ààbọ̀. Àpò mẹ́rin ni ọ̀já kan máa di. Ẹ ká íńṣì kan lókè, kẹ́ ẹ rán an. Ẹ ká ààbọ̀ íńṣì nísàlẹ̀ àti ní orí rẹ̀ méjèèjì, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́ kó tẹ́. Ọ̀já náà á wá kù sí íńṣì 28 ní gígùn, mẹ́rin ní gíga.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe la dé yìí. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fàlà sára ọ̀já ní íńṣì méje-méje. Ẹ fàlà sára aṣọ ẹ̀yìn ní íńṣì márùn-ún-márùn-ún, kẹ́ ẹ fi íńṣì méjì sílẹ̀ ní etí ọ̀tún àti ti òsì. Ẹ mú ìlà ọ̀já lé ìlà aṣọ ẹ̀yìn lórí, kẹ́ ẹ rán àwọn ìlà tó dúró ṣánṣán wọ̀nyẹn nìkan, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ ò tíì gbọdọ̀ rán ìsàlẹ̀ o. Méje tí ẹ há sórí márùn-ún, íńṣì méjì ló ṣẹ́kù nínú àpò kọ̀ọ̀kan, òun ni ikùn. Ẹ wá fi ọwọ́ ká a sí pílíìtì nísàlẹ̀, ààbọ̀ íńṣì ní ọ̀tún, ààbọ̀ ní òsì, kẹ́ ẹ fi pín-ìn-nì dì í mú, kẹ́ ẹ tó wá rán ìsàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rán ìsàlẹ̀, gbogbo ikùn yẹn á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Aṣọ á ti nípọn níbi pílíìtì, ẹ lo abẹ́rẹ́ nọ́ńbà 16, kẹ́ ẹ sì rán ẹnu àpò lọ rán an bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ ọmọ á máa fà.

Ẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ kan dán ọ̀kọ̀ọ̀kan wò. Bó bá wọlé tó sì jáde láìfa aṣọ ẹ̀yìn, àpò náà dára. Ẹ ki igi ìgbálẹ̀ gígùn sókè rẹ̀, ìṣó méjì ni kẹ́ ẹ sì fi kọ́ ọ. Orí ìṣó kan, ṣe ni á máa yí sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹrù bá pọ̀ sí.

Ní ti nọ́ńbà, ọjọ́ kìíní Oṣù Kejìlá ni kàlẹ́ńdà yìí máa ń bẹ̀rẹ̀, ó yàtọ̀ sí Ìgbà Bíbọ̀ Olúwa ti ṣọ́ọ̀ṣì, tó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi. Èmi a máa fi 24 sí àpò àkọ́kọ́, kí n máa bọ̀ wálẹ̀ dé 1. Bí ọmọ bá ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ti mọ̀ pé ó ku ọjọ́ mẹ́rìnlélógún.

Èèrà ńkọ́? Ẹ má kó oúnjẹ ogún ọjọ́ sínú aṣọ. Ẹ kó o sínú agolo tó ní ìdérí, kẹ́ ẹ máa fi ti ọ̀la nìkan sínú àpò lálẹ́, nígbà tí wọ́n bá ti sùn. Ìyẹn náà ni kò ní jẹ́ kí àbígbẹ̀yìn kó gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Gúrúndí, kókóró tí ẹ ṣẹ́ sí méjì, gúgúrú nínú ọ̀rá kékeré, gbogbo wọn dára. Àádùn dùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n epo rẹ̀ á wọ aṣọ. Ọ̀rá méjì ni kẹ́ ẹ fi dì í. Ṣokoléètì á yọ́ lọ́sàn-án, bí ọyẹ́ tilẹ̀ mú láàárọ̀. Ẹ má fún ọlọ́dún mẹ́ta ní odindi ẹ̀pà tàbí súìtì líle, ó lè há a lọ́fun. Gúrúndí ẹlẹgẹ́ ni tirẹ̀. Kò sì pọn dandan kí oúnjẹ wà lójoojúmọ́. Ríbọ́ọ̀nù irun tàbí pẹ́ńsùlù tó.

Iṣẹ́ inú rere ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀. Mẹ́rìnlélógún pín sí mẹ́jọ-mẹ́jọ fún àwọn mẹ́ta, ẹ sì kọ iṣẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó. Ẹ má kọ “ṣe dáadáa sí àbúrò rẹ”, ọmọ ò ní mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹnì kan àti ohun kan tó lè parí kílẹ̀ tó ṣú: “Gbá iwájú ilé Màmá Ṣadé kó o tó lọ sí ilé ìwé”. Ti ọlọ́dún mẹ́fà: “Bu omi mímu fún bàbá àgbà, kó o kúnlẹ̀ gbé e fún wọn”. Ti ọlọ́dún mẹ́ta, ẹ kà á sí i létí: “Gbé sálúbàtà wá fún dádì”. Iṣẹ́ tó bá gba àkókò, bíi ṣíṣa aṣọ tó ti kéré fún wọn láti fi tọrẹ, ẹ gbé e sí Sátidé tàbí lẹ́yìn tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi.

Ẹ má fi ìpanu ṣe owó ọ̀yà iṣẹ́ náà. Lọ́dún kan, mo gba gúrúndí lọ́wọ́ ọmọ-ọmọ mi obìnrin torí kò ṣe tirẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó kọ́kọ́ bi mí pé kí ni òun máa jẹ, kó tó ka ohun tí a kọ. Láti ìgbà náà, àárọ̀ ni wọ́n ń jẹ tiwọn, ẹni bá sì ṣiṣẹ́ tàbí tí kò ṣe, kò kan ìpanu. Bébà iṣẹ́ tí kò bá tíì ṣe á wulẹ̀ yọrí síta lẹ́nu àpò títí yóò fi ṣe é.

Bí ọdún bá lọ, ẹ yọ igi, ẹ fọ aṣọ, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ sì ká a róbótó. Ẹ má fi káńfọ̀ sí i bí ẹ ti ń ṣe sí aṣọ yòókù. Òórùn rẹ̀ kì í tán nínú pílíìtì, kò sì yẹ kó kan ohun tí ọmọ máa jẹ.