Dọ́là ní iye tirẹ̀, táyà ní tirẹ̀: bí olùkọ́jàwọlé ṣe ń kọ pàṣípààrọ̀ sínú ìwé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Táyà ni mò ń kó wọlé láti Ṣáínà. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ra dọ́là fún ẹrù kan ṣoṣo, iye tí mo rà á kò sì dọ́gba. Mo san àsansílẹ̀, mo san ìyókù nígbà tí ọkọ̀ gbéra, mo wá ta díẹ̀ lára dọ́là tó ṣẹ́kù. Ọmọ tó ń bá mi kọ ìwé ní gbogbo náírà tí mo fi ra dọ́là, yàtọ̀ sí èyí tí mo tà, ni owó táyà. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Níbo wá ni èrè tàbí àdánù orí dọ́là wà?

Ìdáhùn: Ẹ kú ọjà o. Rárá, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjà méjì lẹ ṣe: ẹ ra dọ́là, ẹ sì ra táyà. Látìgbà tí dọ́là ti wọ àkáǹtì dọ́là yín ló ti di ohun ìní tó dá dúró, ó lè gbówó lórí tàbí kó já wálẹ̀ kí ẹ tó ná an. Bí a bá da òun àti táyà pọ̀ sójú kan, ẹ ò ní mọ èyí tó mówó wá àti èyí tó gbé e lọ.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹrù kan ṣe é, pẹ̀lú iye tó rọrùn láti ṣírò. Ká ní táyà 400 ni, kọ̀nténà ẹsẹ̀ ogún kan, $50 lọ́kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ $20,000. Àdéhùn yín ni pé kí ẹ san ìdá 30 nínú 100 sílẹ̀, ìyẹn $6,000, kí ẹ wá san $14,000 lẹ́yìn tí ọkọ̀ ojú omi bá ti gba ẹrù. Kí akọ̀wé yín ṣí ojú-ìwé kan fún àkáǹtì dọ́là nìkan, kó sì fa òpó méjì sí i, ọ̀kan fún dọ́là, ọ̀kan fún náírà tí dọ́là náà ná yín. Bó ṣe máa rí rèé:

| Ọjọ́ | Ohun tó ṣẹlẹ̀ | Dọ́là | Náírà |
|---|---|---|---|
| 5 oṣù 9 | A ra dọ́là ní ₦1,500 | 12,000 | 18,000,000 |
| 5 oṣù 9 | A san àsansílẹ̀ | −6,000 | −9,000,000 |
| 10 oṣù 11 | A ra dọ́là ní ₦1,600 | 10,000 | 16,000,000 |
| | Ohun tó wà nílẹ̀ | 16,000 | 25,000,000 |
| 10 oṣù 11 | A san ìyókù owó táyà | −14,000 | −21,875,000 |
| 27 oṣù 11 | A ta dọ́là | −1,500 | −2,343,750 |
| | Ohun tó kù | 500 | 781,250 |

Ẹ ó rí i pé lẹ́yìn tí ẹ ra dọ́là ẹlẹ́ẹ̀kejì, ti àtijọ́ àti tuntun ti dàpọ̀. Kò sí àmì lára dọ́là tó máa sọ pé èmi ni wọ́n rà ní ₦1,500. Nítorí náà ẹ pín ₦25,000,000 sí $16,000, ó di ₦1,562.50 lórí dọ́là kan, iye yẹn lẹ ó sì fi máa yọ ọ́ jáde títí ẹ óò fi tún ra òmíràn.

Ó wá ku iye táyà. Lọ́jọ́ tí ẹ san $6,000, dọ́là kan jẹ́ ₦1,500, nítorí náà ₦9,000,000 ni àsansílẹ̀ náà, kò sì ní yí padà mọ́. $14,000 tó kù di gbèsè lọ́rùn yín lọ́jọ́ tí táyà di tiyín. Bó bá jẹ́ FOB lẹ fi ṣe àdéhùn, ọjọ́ tí wọ́n gbé ẹrù sínú ọkọ̀ ní èbúté Ṣáínà ni, ẹ ó sì rí ọjọ́ náà lára ìwé ẹrù tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi fún yín. Ẹ má dúró dìgbà tí kọ̀nténà bá dé Àpápá kí ẹ tó kọ ọ́. Ká ní ọjọ́ náà bọ́ sí 20 oṣù kẹwàá, tí dọ́là sì jẹ́ ₦1,540, gbèsè yín jẹ́ ₦21,560,000. Ẹ rò ó mọ́ àsansílẹ̀, ó di ₦30,560,000, ìyẹn ₦76,400 lórí táyà kọ̀ọ̀kan, kí a tó fi owó ọkọ̀ àti owó aṣọ́bodè kún un. Ohunkóhun tí dọ́là bá fi ara rẹ̀ ṣe lẹ́yìn ọjọ́ yẹn kò kan táyà mọ́.

Nígbà tí ẹ wá san ìyókù ní 10 oṣù kọkànlá, gbèsè ₦21,560,000 lẹ pa rẹ́ nínú ìwé, ṣùgbọ́n dọ́là tí ẹ fi pa á ná yín ní ₦21,875,000. Ìyàtọ̀ wọn, ₦315,000, ni àdánù pàṣípààrọ̀. Tààrà ló ń lọ sínú ìṣirò èrè àti àdánù.

Ó yẹ kí ẹ wo inú ₦315,000 yìí, torí nǹkan méjì ló pàdé níbẹ̀. Láti ọjọ́ tí ọkọ̀ gba ẹrù títí dé ọjọ́ tí ẹ sanwó, dọ́là gun láti ₦1,540 dé ₦1,600, nítorí náà gbèsè $14,000 wọ́n sí i ní ₦840,000. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kan náà, dọ́là tó wà lọ́wọ́ yín níye lórí ju iye inú ìwé lọ, ₦1,600 sí ₦1,562.50, lórí $14,000 èyí jẹ́ èrè ₦525,000. Èrè náà wá láti inú $6,000 tí ẹ rà sílẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Ká ní ẹ ò rà á sílẹ̀ ni, odindi ₦840,000 ni ì bá wọlẹ̀. Àwọn oníbàárà mi kan fẹ́ kí n kọ méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá rírà sílẹ̀ ń ṣe wọ́n láǹfààní. Mo fara mọ́ ọn, àpapọ̀ rẹ̀ kò sá yí padà.

Ti dọ́là tí ẹ tà kò le. $1,500 ní ₦1,590 mú ₦2,385,000 wá, ₦2,343,750 ló sì ná yín, èrè ₦41,250. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín kọ ọ́ mọ́ owó táyà tí ẹ tà, ojú-ìwé pàṣípààrọ̀ ni kó lọ. Owó tí báǹkì yọ nígbà tí wọ́n fi dọ́là ránṣẹ́, òun náà ní ojú-ìwé tirẹ̀, owó iṣẹ́ báǹkì ni, kì í ṣe àdánù pàṣípààrọ̀.

Ní 31 oṣù kejìlá, $500 ṣì kù. Bí dọ́là bá jẹ́ ₦1,520 lọ́jọ́ náà, ₦760,000 lẹ ó kọ ọ́ sí, àdánù ₦21,250 sì nìyẹn. Inú ìwé nìkan ni àdánù yìí wà, torí ẹ ò tíì ná an.

Ọ̀nà tí mo fi ń yẹ irú ìṣirò yìí wò kò gba ìṣẹ́jú méjì. Náírà tó jáde láti ra dọ́là jẹ́ ₦34,000,000, èyí tó padà wọlé jẹ́ ₦2,385,000, ₦31,615,000 ló lọ. Kí lẹ rí gbà? Táyà ₦30,560,000 àti dọ́là ₦760,000, àpapọ̀ ₦31,320,000. Ó ku ₦295,000. Ẹ wá wo ojú-ìwé pàṣípààrọ̀: àdánù ₦315,000, ẹ yọ èrè ₦41,250, ẹ ro àdánù ₦21,250 mọ́ ọn, ₦295,000 náà ni. Bí kò bá bára mu, ohun kan ti sọnù. Àmì mìíràn tó máa ń yára tú àṣírí ni kí òpó dọ́là ti di òdo, kí náírà ṣì kù lódìkejì.

Bí a bá tẹ̀ lé ti ọmọ yín, ₦31,615,000 ni owó táyà. Ó fi ₦1,055,000 lé e: àdánù ₦295,000 àti $500 tó ṣì jókòó sí báǹkì. Táyà kan á wá dà bí ẹni pé ó ná yín ní ₦79,000 àti díẹ̀. Tí ìdajì táyà náà bá ṣì wà ní sitọ́ọ̀ nígbà tí ọdún parí, ìdajì àdánù yín sá pamọ́ sáàárín wọn nìyẹn, èrè inú ìwé yóò sì ju èyí tí ẹ jẹ ní ti gidi lọ.

Níbi tí ìṣòro ti pọ̀ jù ni kí ọdún parí nígbà tí gbèsè ṣì wà nílẹ̀. Ìlànà ìṣirò àgbáyé tí wọ́n ń pè ní IAS 21 sọ pé gbèsè dọ́là, àti dọ́là tó wà ní báǹkì, gbọ́dọ̀ di iye ọjọ́ tí ọdún parí, yálà ẹ ti sanwó tàbí ẹ ò tíì san. Ohun tó mú ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kọ àdánù ńlá sínú ìwé lọ́dún 2023 nìyẹn. Ní 14 oṣù kẹfà ọdún náà, nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà tú náírà sílẹ̀, iye dọ́là ní ọjà ìjọba fò láti nǹkan bíi ₦470 kọjá ₦660 lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó jẹ $14,000 lọ́jọ́ yẹn sùn pẹ̀lú gbèsè tó fi ohun tó lé ní mílíọ̀nù méjì àbọ̀ náírà ju ti àárọ̀ lọ.

Àsansílẹ̀ ní tirẹ̀ kò sí nínú èyí. Mo ti rí ìwé tí wọ́n ti ń gbé $6,000 sókè sódò pẹ̀lú iye dọ́là títí táyà fi dé. Àṣìṣe ni. Táyà lẹ ń retí, ẹ ò retí dọ́là, nítorí náà iye ọjọ́ tí ẹ san án ló máa dúró. Àyàfi tí oníṣòwò Ṣáínà bá sọ pé òun kò ní ọjà mọ́, òun yóò dá dọ́là padà, nígbà náà ló tó di owó tí ẹnìkan jẹ yín, tí ẹ ó sì máa ṣírò rẹ̀ bí owó.

Owó aṣọ́bodè kò ní wàhálà. Kọ́sítọ́ọ̀mù ní iye dọ́là tí wọ́n fi ń ṣírò, ṣùgbọ́n náírà lẹ ń san, náírà tí ẹ san náà lẹ ó kọ.

Ó ku ti owó-orí. Ẹ ya ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ní ti gidi, ₦315,000 àti ₦41,250, sọ́tọ̀ kúrò lára ₦21,250 tó wà nínú ìwé lásán, torí àwọn agbowó-orí kì í ka èyí tí kò tíì ṣẹlẹ̀ sí èrè tàbí àdánù. Bákan náà, Òfin Owó-orí Nàìjíríà ti 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní 2026, kò gbà kí a yọ ìnáwó dọ́là kọjá iye tí Báǹkì Àpapọ̀ gbé jáde. Bí ẹ bá ra dọ́là lójú ọjà ní iye tó ga ju ìyẹn lọ, ohun tí ẹ san gan-an lẹ ó kọ sínú ìwé, ṣùgbọ́n àlékún náà kò ní dín owó-orí yín kù. Ẹ jẹ́ kí akọ̀wé yín fa òpó kẹta sí ojú-ìwé dọ́là náà, kó máa kọ iye ìjọba ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ bá rà á, kó sì so rìsíìtì rẹ̀ mọ́ ọn.