Àwìn tí kò tíì padà, àti èrè tí a ti kà sílẹ̀

“Ẹ káalẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ń ta wáyà àti gílóòbù ní Oǹdó. Akáńtáǹtì tó bá mi parí ìwé ọdún yọ ₦420,000 kúrò nínú èrè mi, ó ní torí ínfọ́ìsì táwọn oníbàárà ò tíì san ni. Wọn ò kúkú sọ pé àwọn ò ní san, èmi náà ò sì ná kọ́bọ̀ síbẹ̀. Báwo ni owó tí mi ò ná ṣe ń dín èrè mi kù?”

Ẹ kú ọjà o. Akáńtáǹtì yín ò ṣẹ̀ yín. Èmi náà bá ẹni tó ń ṣe ìwé mi jà lórí ọ̀rọ̀ yìí níparí ọdún 2016, ìyà tó sì tẹ̀yìn ìjà náà jẹ mí ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Sìmẹ́ńtì, irin àti táìlì ni mò ń tà ní Àkúrẹ́ níbí. Lọ́dún yẹn, mo ta ọjà ₦24,000,000. Iye tí mo fi ra ọjà náà jẹ́ ₦19,200,000. Owó ṣọ́ọ̀bù, owó oṣù àwọn ọmọ àti epo ọkọ̀ gba ₦2,100,000. Nígbà tí mo yọ gbogbo rẹ̀, ₦2,700,000 ló ṣẹ́kù, mo sì pè é ní èrè mi.

Ṣùgbọ́n nínú ọjà ₦24,000,000 yẹn, ₦3,000,000 ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó ra àwìn. Mo ti kà á mọ́ ohun tí mo tà láti ọjọ́ tí ọjà ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, torí bí ìwé ilé-iṣẹ́ ṣe rí nìyẹn: tí ọjà bá ti jáde tí ínfọ́ìsì sì tẹ̀lé e, a ti tà á, bí owó ò tilẹ̀ tíì wọlé. Nítorí náà, èrè orí àwìn ti wà nínú èrè ọdún kí oníbàárà tó san kọ́bọ̀. Ohun tí akáńtáǹtì yín yọ kì í ṣe owó tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ná. Èrè tí ẹ ti kà ṣáájú ló ń dá padà. Ẹni tó jẹ́ pé ìgbà tí owó bá tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ nìkan ló ń kọ ọjà sílẹ̀ pé òun tà, kò ní ohun tí yóò yọ, torí kò kà á rí. Ẹ sì ti náwó síbẹ̀ o. Ọjọ́ tí ẹ san owó wáyà fún ẹni tó tà á fún yín ni owó náà ti jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ẹni tó ń ṣe ìwé mi ṣe rí iye tó yọ. Kò fojú díwọ̀n. Ó ní kí n kó àwọn ìwé àwìn ọdún mẹ́ta sẹ́yìn wá, ó wo iye tó wọlé àti iye tó ṣègbé bí gbèsè ṣe ń pẹ́ sí i. Lẹ́yìn náà ló to ₦3,000,000 yẹn sí ọjọ́ orí. ₦1,500,000 kò tíì pé ọgbọ̀n ọjọ́, ó yọ ìdá 2 nínú 100 níbẹ̀, ìyẹn ₦30,000. ₦700,000 ti kọjá oṣù kan ṣùgbọ́n kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ó yọ ìdá 10, ìyẹn ₦70,000. ₦200,000 ti lé ní oṣù mẹ́ta, ó yọ ìdajì rẹ̀, ₦100,000. Ẹ má ṣe gba ìdá tèmi yìí lò o. Àwọn oníbàárà yín kọ́ ni tèmi. Ìwé àwìn tiyín ni kí ẹ yẹ̀ wò.

₦600,000 tó kù wà lọ́rùn agbaṣẹ́ṣe kan tó ń kọ́ ilé akẹ́kọ̀ọ́ nítòsí FUTA. Èyí kò bá àwọn tó kù lọ, torí a ti mọ̀ pé sísan rẹ̀ ò dájú mọ́. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá pè é, á gbé e, á sì dárúkọ ọjọ́ tí yóò san. Nígbà tó yá, “Ọ̀gá, mò ń bọ̀” nìkan ló ń fi ránṣẹ́, kò dárúkọ ọjọ́ mọ́. Onílé ṣèlérí pé òun máa san ₦200,000 dípò rẹ̀, nítorí náà akáńtáǹtì yọ ₦400,000. Gbogbo àyọsílẹ̀ wá di ₦600,000. Èrè inú ìwé bọ́ sí ₦2,100,000, gbèsè tí a ń retí sì di ₦2,400,000 dípò ₦3,000,000.

Mo ní kó kọ ohun tó bá wù ú, èmi mọ èrè mi. Mo kó ₦2,600,000 jáde, mo fi bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ ilé. Ojú owó ni mo jẹ níbẹ̀, ₦500,000 gbáko.

Ní oṣù kẹta ọdún 2017, mo gun ọ̀kadà lọ síbi iṣẹ́ náà. Koríko ti hù láàárín búlọ́ọ̀kù. Lábẹ́ tapólì kan ni mo ti rí àpò sìmẹ́ńtì mi tó ṣẹ́kù. Mo fi ọwọ́ kan ọ̀kan, ó ti le bí òkúta. Onílé ti lé agbaṣẹ́ṣe lọ, ó sì ní òun ò jẹ ẹnikẹ́ni lówó. Nínú ₦100 tí mo bá tà, ₦20 péré ló ń ṣẹ́kù lórí ọjà fúnra rẹ̀, nítorí náà mo ní láti ta ọjà tuntun ₦3,000,000 kí n tó rí ₦600,000 yẹn padà, ká má tilẹ̀ tíì ka owó ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tí mo fẹ́ lọ kó ọjà, owó ò pé.

Mo sáré lọ bá akáńtáǹtì pé kó bá mi mú owó tó yọ sílẹ̀ jáde. Ibí yìí ló ti ń rú ọ̀pọ̀ wa lójú. Àyọsílẹ̀ kì í ṣe owó tí a tọ́jú sí báńkì. Inú ìwé nìkan ló wà, kò sí náírà kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń sọ fún yín pé kí ẹ má ṣe kó iye yẹn jẹ.

Nígbà tí a pa gbèsè náà rẹ́ pátápátá lọ́dún 2017, mo rò pé ₦600,000 odindi ló máa tún jẹ èrè ọdún náà. Bẹ́ẹ̀ kọ́. ₦400,000 ti kúrò nínú èrè 2016, ₦200,000 tó kù nìkan ló wá kan 2017. Ká ní ó yọ gbogbo rẹ̀ ni, ìyà kan ìbá jẹ mí lẹ́ẹ̀mejì. Bákan náà, lórí àwọn gbèsè yòókù, ₦200,000 la ti yọ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a to gbèsè tuntun níparí 2017, ₦260,000 ló yẹ kó wà níbẹ̀, nítorí náà ₦60,000 péré la fi kún un. Tí tiyín bá tún yọ ₦420,000 lọ́dún tó ń bọ̀ láìwo ti ọdún yìí, ẹ dá a dúró, kẹ́ ẹ bi í.

Ẹ ní kó fi orúkọ onígbèsè kọ̀ọ̀kan hàn yín, pẹ̀lú ọjọ́ orí gbèsè rẹ̀ àti iye tó yọ níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ mọ àwọn oníbàárà yín. Tí ẹ bá rí orúkọ ẹni tó ti san lẹ́yìn tí ọdún parí, ẹ sọ fún un kó tún un ṣe.

Ní 2019, agbaṣẹ́ṣe yẹn fi ₦150,000 ránṣẹ́ sí mi láìròtẹ́lẹ̀. A ti pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ nínú ìwé, nítorí náà a kọ ọ́ sílẹ̀ bí owó tó wọlé lọ́dún 2019, èrè ọdún náà sì fi ₦150,000 ga sí i.