Omi Púpọ̀, Síbẹ̀ Pajápajá: Mímu àti Jíjẹ fún Bọ́ọ̀lù Inú Ooru

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Agogo mẹ́ta ọ̀sán la máa ń gbá bọ́ọ̀lù, ooru a máa mú gan-an, afẹ́fẹ́ a sì móoru. Mo máa ń mu omi púpọ̀ kí a tó wọ pápá. Síbẹ̀, ìdajì kejì kì í tíì jìnnà tí pajápajá á fi mú mi lẹ́sẹ̀, orí á sì máa fọ́ mi. Kí ni mo ń ṣe tí kò tọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìfaradà. Bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, kò jọ pé omi ló wọ́n yín. Àkókò tí ẹ ń mu ún, àti iyọ̀ tí kò sí nínú rẹ̀, ni mo fura sí.

Òógùn kì í tu ara lára àyàfi tó bá gbẹ. Bí ọ̀rinrin bá ti kún inú afẹ́fẹ́, òógùn ò ní rí ibi gbẹ sí, á kàn máa kán sílẹ̀. Ara ò tutù, á wá tún máa tú òógùn sí i. Bó ṣe ń jáde tó yàtọ̀ láti ara ẹnì kan sí ẹlòmíì, nítorí náà ẹ wọn ara yín. Ẹ tọ̀ kí ẹ tó gun ìwọ̀n, kí aṣọ ara yín sì fúyẹ́. Lẹ́yìn eré, ẹ bọ́ aṣọ tó ti rẹ, ẹ nu òógùn kúrò, kí ẹ tún gun ìwọ̀n náà. Kílò 1 tó bá dín jẹ́ bíi lítà òógùn 1.

Ká sọ pé ẹni kan wọn kílò 70 kó tó gbá bọ́ọ̀lù, ó wá di 68.2 lẹ́yìn eré, ó sì mu lítà 1 lórí pápá. Kílò 1.8 ló dín. Ẹ fi lítà tó mu kún un, òógùn rẹ̀ jẹ́ lítà 2.8. Bí ara bá ti dín ju ìdá 2 nínú 100 lọ, eré sísá àti ìrònú máa ń dẹ̀. Fún ẹni yìí, kílò 1.4 ni ààlà náà. Kò nílò láti dá gbogbo 2.8 náà padà lórí pápá, ikùn ò tiẹ̀ ní gbà á. Bó bá fi bíi ìdajì lítà kún ohun tó mu, ó ti wà nínú ààlà.

Ní ti iyọ̀: bíi gíráàmù 1 sódíọ̀mù, èròjà kan tó wà nínú iyọ̀, ló máa ń wà nínú lítà òógùn kan, ó sì máa ń pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ lára àwọn kan. Bí ìlà funfun bá ń hàn lára ẹ̀wù yín tó bá gbẹ, ó ṣeé ṣe kí ẹ wà lára wọn. Àárẹ̀ iṣan náà máa ń fa pajápajá, iyọ̀ nìkan kọ́. Ẹ fi ìdámẹ́rin ṣíbí tíì iyọ̀ àti gíráàmù ṣúgà 60 (bíi ṣíbí tíì 15 tó dọ́gba) pò lítà omi 1. Ẹ má fi ṣúgà kún un jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun dídùn jù máa ń pẹ́ nínú ikùn. Ẹ dán an wò níbi ìdánrawò kí ẹ tó gbé e wá sí ìdíje. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn kíndìnrín kò gbọ́dọ̀ ṣe èyí láì bi dókítà rẹ̀.

Fún eré agogo mẹ́ta, ẹ jẹun láàárín agogo mọ́kànlá sí méjìlá: ìrẹsì tàbí búrẹ́dì tó tó yín, kí ọ̀rá rẹ̀ má pọ̀. Ní agogo mọ́kànlá náà, ẹni kílò 70 lè mu mìlílítà 350 sí 500. Bí ìtọ̀ bá ṣì pọ́n ní agogo kan, ẹ fi bíi 250 kún un. Omi àmupọ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí eré, ìtọ̀ ló máa ń dà. Lórí pápá, ẹ máa mu díẹ̀díẹ̀ nígbàkigbà tí eré bá dúró, kí ẹ sì mu èyí tó pọ̀ díẹ̀ sí i nígbà ìsinmi àárín eré.

Lẹ́yìn eré, ẹ mu lítà 1.5 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó dín. Ti ẹni òkè yẹn jẹ́ lítà 2.7, láàárín wákàtí bíi mẹ́rin, pẹ̀lú oúnjẹ tó ní iyọ̀, ẹyin tàbí ẹja, kí omi lè dúró lára.

Ohun kan ń bà mí lẹ́rù. Bí ara yín bá wúwo sí i lẹ́yìn eré, tí ọwọ́ wú, tí èébì ń gbé yín, tí orí sì ń fọ́, omi lásán ti pọ̀ jù lára yín. Ẹ má mu sí i. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń sọ ìsọkúsọ tàbí ó ṣubú nínú ooru, ẹ má fi nǹkankan sí i lẹ́nu. Ẹ pe àwọn oníṣègùn pàjáwìrì, kí ẹ sì rì í sínú omi tútù títí dé ọrùn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ di orí rẹ̀ mú, kí ẹ tó máa ronú àtigbé e lọ.