Èsì: Ojú-ìwé ìtajà fún kòkó lílọ̀

“Mo ń ta kòkó lílọ̀ láti Ìdànrè, kò ní ṣúgà. Àwọn èèyàn ń wo ojú-ìwé mi, wọn kì í rà. Kí ni kí n tún kọ?”

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n mi. Àkọlé yín, “Kòkó tó dára jù lọ”, kò sọ nǹkan kan, gbogbo ọlọ́jà ló ń sọ ọ́. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Kòkó Ìdànrè gidi, kò sí ṣúgà níbẹ̀ rárá.” Kí àwòrán, iye owó àti owó ọkọ̀ dé Àkúrẹ́ tẹ̀ lé e.

Ìdánilójú ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, torí ẹni tí kò mọ̀ yín ń bẹ̀rù pé owó òun á wọgbó. “Ẹ fọkàn balẹ̀” kò tó. Ẹ sọ ọjọ́, ẹ sọ ohun tí ẹ máa ṣe: “Bí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ jẹ́ ká gbọ́ láàárín ọjọ́ 7, a ó dá gbogbo owó yín padà. Ẹ má wulẹ̀ dá ọ̀rá náà padà.” Oúnjẹ tí wọ́n ti ṣí kò ṣeé tún tà, kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Àmọ́ ẹ fi mọ sí ọ̀rá kan fún oníbàárà kan, kí wọ́n má baà rẹ́ yín jẹ.

Abẹ́ ìdánilójú yìí gan-an ni kí bọ́tìnnì wà: “Mo fẹ́ ọ̀rá kan”. Ẹ yọ líǹkì Facebook kúrò, ó ń kó àwọn oníbàárà lọ síbòmíì.

Bí wọ́n bá ń tẹ bọ́tìnnì tí wọn ò sanwó, ẹ yẹ ibi ìsanwó wò. Bí wọn ò bá tẹ̀ ẹ́ rárá, àkọlé tàbí ìdánilójú ni kí ẹ tún kọ.